Ìlà ikùn aboyún àti ti ọmọ tó ń dàgbà: ibi tí agbára ìpara dé

Ẹ máa rí ìpara kan tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé kì í jẹ́ kí ìlà yọ sí ikùn aboyún. Ẹ máa rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní òun á pa ìlà tó ti yọ rẹ́ pátápátá. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ná owó lórí èyíkéyìí nínú wọn, ó yẹ kó mọ ibi tí ìlà náà wà gan-an nínú awọ ara, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ìlà tí mò ń sọ ni àwọn tó gùn gbọọrọ, tó máa ń tò tẹ̀lé ara wọn níbi tí ara ti yára tóbi: ikùn, ọmú, itan, ìdí, ìbàdí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní sítírẹ́ẹ̀ṣì máàkì. Ó lé ní ìdajì àwọn aboyún tó máa ń ní in, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bàlágà náà sì ń ní in, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Awọ tí à ń fọwọ́ kàn yìí fẹ́lẹ́ gan-an. Ó máa ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀, tí tuntun á sì rọ́pò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni awọ kejì wà, òun ló nípọn, òun ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, òun sì ni agbára awọ ara wà nínú rẹ̀. Oríṣi okùn tín-tìn-tín méjì ló di awọ ìsàlẹ̀ yìí mú. Kọ́lájìn ló ń jẹ́ kó yi, ẹlásítìn ló ń jẹ́ kó lè nà kó sì sún padà sípò. Nígbà tí ikùn bá ń yára tóbi, tàbí tí ọmọ bá ga lójijì, àwọn okùn yìí á nà títí, nígbà tó bá sì kọjá agbára wọn, wọ́n á já. Awọ òkè kò ní ya, ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde, kò sì sí egbò tí ojú máa rí. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ nínú, tó jẹ́ pé ti inú ló ya: ojú aṣọ ṣì wà lódindi, àmọ́ ẹ̀ ń rí i láti òde pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lábẹ́.

Nínà nìkan kọ́ ló fà á ṣá. Tó bá jẹ́ pé nínà nìkan ni, gbogbo ẹni tó lóyún ìbejì ni ì bá ní in, àwọn kan sì wà tí wọ́n bí ìbejì tí ikùn wọn ń dán. Họ́mọ́ọ̀nù lọ́wọ́ sí i. Ọ̀kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń pọ̀ sí i nínú ara aboyún, ó sì máa ń dín agbára awọ láti ṣe kọ́lájìn tuntun kù. Àjogúnbá náà lọ́wọ́ sí i, kódà ó jọ pé òun ló le jù. Bí ìyá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni lóbìnrin bá ní in, ó ṣeé ṣe gan-an kí ẹni náà ní in. Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀, lọ́nà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: aboyún tó kéré lọ́jọ́ orí ni tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù, kì í ṣe àgbà. Ẹni tó sanra gan-an nínú oyún àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ tóbi náà wà nínú àwọn tó sábà máa ń rí i. Kò sí èyí tí ìpara lè yí padà nínú gbogbo wọn, ti sísanra nìkan ni èèyàn lè bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ̀ sọ.

Ìlà yìí máa ń yí àwọ̀ padà bó ṣe ń pẹ́, èyí ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ara ṣì ń jà níbẹ̀. Ibẹ̀ á wú díẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á ṣí gbayawu, ó sì lè máa yún èèyàn. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á pupa tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Lára ẹni tó dúdú, kì í sábà pupa. Ohun tí ojú máa rí ni ìlà tó dúdú ju ara tó kù lọ, tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò tó ṣókùnkùn, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé àwọn kò tíì ní i, nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìjà inú awọ á rọlẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ibi tó já á sì di àpá. Àwọ̀ á wá ṣí, ìlà náà á mọ́lẹ̀ ju ara tó yí i ká, á tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó jin wọlé díẹ̀, tí ẹ bá sì fi ìka méjì fún un pọ̀, á ṣe wúńjẹ-wùǹjẹ bíi bébà tí wọ́n ti rún. Ìlà tuntun àti ìlà àtijọ́ kì í ṣe ohun kan náà fún ìtọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun sí i, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé èwo lòun ní.

Ó wá kan ìpara wàyí. Awọ òkè ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ọ̀rá kòkó, òrí, òróró ólífì, básílíìnì, gbogbo wọn ń ṣe iṣẹ́ kan tó dáa: wọn kì í jẹ́ kí omi inú awọ gbẹ. Awọ tí kò gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yún, ó máa ń rọ̀, iná sì máa ń tàn sára rẹ̀ bákan náà, tí ìlà kò fi ní hàn tó bó ṣe hàn láàárọ̀ kí wọ́n tó para. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Àmọ́ tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ kúrò, ìlà wà níbi tó wà. Kọ́lájìn tí wọ́n pò mọ́ ìpara náà kò lè wọlé lọ di okùn nínú awọ ìsàlẹ̀, torí ó tóbi jù láti kọjá.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti dán ọ̀rá kòkó wò dáadáa, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń méfò. Ní Lẹ́bánọ́nì, ìwádìí kan jáde lọ́dún 2008 tí wọ́n fi aboyún 175 ṣe, gbogbo wọn lóyún àkọ́bí. Wọ́n fún àwọn kan ní ìpara ọ̀rá kòkó, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìpara tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò ní ọ̀rá kòkó nínú, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó ní ìlà, ó jẹ́ nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó lo ọ̀rá kòkó, àti nǹkan bí 49 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè ṣèèṣì wáyé. Lọ́dún 2010, ìwádìí mìíràn jáde láti Jàmáíkà, aboyún 300 ló wà nínú rẹ̀, èsì rẹ̀ kò sì gbe ọ̀rá kòkó lẹ́yìn. Nígbà tó di 2012, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò pọ̀, gbé ìwádìí 6 tó kan aboyún 800 yẹ̀ wò lórí oríṣiríṣi ìpara. Wọn kò rí ẹ̀rí gidi pé èyíkéyìí nínú wọn ń dènà ìlà náà.

Èsì kan wà tó fẹ́ yàtọ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí n dárúkọ rẹ̀. Ní Tọ́kì, wọ́n pín aboyún sí mẹ́ta. Àwọn kan fi òróró álímọ́ńdì ra ikùn wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbàkígbà tí wọ́n bá lò ó, àwọn kan kàn fi pa á láìrà á, àwọn tó kù kò lo nǹkan kan. Àwọn tó ń rà á ni ìlà wọn kéré jù, nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kàn ń pa á kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí kò lo nǹkan kan. Tí èyí bá jóòótọ́, ọwọ́ ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe òróró. Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni pé gbogbo wọn ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìwádìí kan bẹ́ẹ̀ kò sì tó fi ṣe òfin. Ẹni tó bá gbádùn kí wọ́n máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ ra ikùn òun kò pàdánù ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ìyá fi ń búra pé ìpara báyìí ló gbà wọ́n? Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé aboyún kan. Oyún àkọ́kọ́ ni, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 27, ìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nísàlẹ̀ ìdodo rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ra ìpara olówó ńlá kan, àmọ́ ó fẹ́ mọ òótọ́, nítorí náà apá ọ̀tún nìkan ló ń fi pa. Básílíìnì lásán ló ń fi pa apá òsì. Iye ìgbà kan náà ló ń pa wọ́n, àárọ̀ àti alẹ́, bó ṣe ń ra ti ọ̀tún náà ló ń ra ti òsì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á dúró síbì kan náà lábẹ́ iná kan náà, á ya fọ́tò, á sì fi téèpù wọn ìlà tó gùn jù ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó máa rí rèé. Láti ọ̀sẹ̀ 27 sí 38, ìlà á máa gùn sí i lápá méjèèjì, torí ọmọ ṣì ń dàgbà, ikùn ṣì ń nà. Tó bá bímọ tán, bí ikùn ṣe ń fà padà, àwọn ìlà náà á tín-ín-rín. Kì í ṣe pé wọ́n ń san o, awọ tó fẹ̀ ló ń kó ara jọ, tí ìlà orí rẹ̀ náà sì ń kó ara jọ pẹ̀lú. Nǹkan bí oṣù kẹta lẹ́yìn ìbímọ, àwọ̀ tó ṣókùnkùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kejìlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti ṣí débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn kó tó rí i. Apá ọ̀tún á ṣe bẹ́ẹ̀, apá òsì náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ó ti fi ìpara olówó ńlá pa gbogbo ikùn ni, oṣù kẹjọ á bá a níbi tó ti ń ròyìn ìpara fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì ní í parọ́, ohun tó fojú rí ló ń sọ. Àkókò ló ṣiṣẹ́, ìpara ló gba ọpẹ́. Ẹnikẹ́ni lè dán an wò bẹ́ẹ̀ sára ara rẹ̀, ó sì sàn ju kí èèyàn máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ìpara kan wà tó ń ṣiṣẹ́ dé awọ ìsàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni tírẹ́tínọ́ìnì, ó wá láti ara fítámì Éè, dókítà ló sì ń kọ ọ́ fún èèyàn. Ó máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì awọ ìsàlẹ̀ ṣe kọ́lájìn tuntun. Lọ́dún 1996, àwọn oníṣègùn awọ ara dán irú rẹ̀ tó lágbára, ìyẹn ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún, wò lára èèyàn 22 tí ìlà wọn ṣì wà ní tuntun, fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìlà àwọn tó lò ó fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kúrú sí i, nígbà tí ti àwọn tó lo ìpara lásán ń gùn sí i. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn jẹ́: ìlà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 á di nǹkan bíi 8 àbọ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ó dáa, àmọ́ ìlà wà níbẹ̀. Ara ìlà tuntun ló sì ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di àpá tó mọ́lẹ̀, ìwọ̀nba ló lè ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tírẹ́tínọ́ìnì ti le ni pé aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Oògùn tó bá a tan tí wọ́n ń gbé mì máa ń ba ọmọ inú jẹ́, àwọn dókítà kò sì fẹ́ fi ọmọ ṣe àdánwò nítorí ìlà ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ló ń wọ ara látinú ìpara. Ìpara tí wọ́n kọ rẹ́tínọ́ọ̀lù sí lára náà wà lára ohun tó yẹ kí aboyún yẹra fún. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ló wá mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú: ìgbà tí ìlà ṣì jẹ́ tuntun, tí oògùn náà lè mú un, ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò lè lò ó. Ó tún máa ń mú kí awọ pupa, kó ta èèyàn, kó sì máa bó. Lára ẹni tó dúdú, ibi tó bá ta bẹ́ẹ̀ lè fi àbààwọ́n sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ìpara mìíràn tún wà tó yẹ ká sọ, èyí tó ń dá ìlà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra ní sítẹ́rọ́ìdì alágbára nínú, irú bíi kìlóbẹ́tásọ́ọ̀lù, nígbà míì wọn kì í tilẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ́tísọ́ọ̀lù ń ṣe nínú ara ni sítẹ́rọ́ìdì yìí ń ṣe: ó ń jẹ kọ́lájìn, awọ á sì máa fẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá pa á fún oṣù púpọ̀, ìlà tó fẹ̀ á yọ sí abíyá, sí inú itan, sí ọmú, sí ẹ̀yìn orúnkún, láìsí oyún, láìsí pé ẹni náà sanra. Ìlà bẹ́ẹ̀ kì í lọ. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó rí ìlà yìí, tí wọ́n sì tún ń fi ìpara náà gan-an pa á kó lè mọ́. Àṣìṣe méjì ni wọ́n pa pọ̀: ohun tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, ìlà tó dàgbà sì ti mọ́lẹ̀ ju ara lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ káàkiri ara fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, torí ara rẹ̀ lè ti dẹwọ́ nínú ṣíṣe kọ́tísọ́ọ̀lù tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ aboyún díẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 14 kan ga lójijì láàárín ọdún kan. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan rí ìlà tó dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, mẹ́rin, márùn-ún, tí wọ́n tò bí àkàbà, ó sì bi í pé ta ló nà án. Èyí ti kó àwọn òbí àti olùkọ́ sí wàhálà rí, torí ìlà ẹ̀yìn ọmọ tó ń ga jọ ojú pàṣán. Ohun tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ojú pàṣán máa ń wú, ó ń dun ọmọ, á yí àwọ̀ padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, á sì lọ tàbí kó sé èépá. Ìlà ìdàgbàsókè kì í dun ọmọ. Wọ́n á dábùú, wọ́n á jìnnà síra bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì wà fún oṣù púpọ̀. Ti ọmọbìnrin sábà máa ń wà lára itan, ìdí, ìbàdí àti ọmú. Bí ọmọ bá ti ga tán, tirẹ̀ náà á ṣí bíi ti aboyún, ó kàn lè gba ju ọdún kan lọ. Kò sí ìpara tó pọn dandan fún un.

Àmọ́ irú ìlà kan wà lára ọmọ tó gba kí wọ́n lọ rí dókítà. Ọmọ tó ní ìlà ìdàgbàsókè ń ga. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń sanra, tí gíga rẹ̀ dúró sójú kan, tí ojú rẹ̀ ń rí róbótó, tí ara rẹ̀ ń tètè dáranjẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ tó ní àwọ̀ àlùkò, ó lè jẹ́ pé kọ́tísọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbàlagbà.

Ti aboyún náà ní èyí tí kò yẹ kí wọ́n fi ìpara bò mọ́lẹ̀. Tí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń yún gan-an bá sú sórí ìlà ikùn lóṣù tó kẹ́yìn, tó sì fo ìdodo sílẹ̀, kì í sábà pa ọmọ lára, dókítà lè fún un ní ohun tó máa rọ̀ ọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún, pàápàá lóru, láìsí ohunkóhun tó sú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ṣọ̀rọ̀ awọ ara gbígbẹ. Ó lè jẹ́ àìsàn ẹ̀dọ̀ tó máa ń bá oyún wá, tó sì léwu fún ọmọ inú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kí ó sì lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti ẹni tó bímọ tán tí ìlà àtijọ́ ṣì ń dùn ún, ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni ohun tó lágbára ju ìpara lọ wà. Lésà kan wà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, ìlà tuntun tó pupa ló bá a mu. Òmíràn ń lu ihò wẹ́wẹ́ sínú awọ kó lè ṣe kọ́lájìn tuntun, ìyẹn ni wọ́n ń lò fún ìlà tó ti mọ́lẹ̀. Ẹni tó dúdú gbọ́dọ̀ béèrè bóyá dókítà náà ti máa ń ṣe é fún ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú, torí lésà tí wọn kò díwọ̀n rẹ̀ bó ṣe yẹ lè jó o tàbí kó fi àbààwọ́n dúdú sílẹ̀. Fún irú awọ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń gún awọ kì í sábà fi àbààwọ́n sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó nínú gbogbo wọn, èèyàn á padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì máa ń wà láàárín wọn. Ohun tí wọ́n lè fún un ni ìlà tó tẹ́ sí i, tó tín-ín-rín sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ara. Kí dókítà kọ́kọ́ ṣe é síbi kékeré kan, kí wọ́n dúró wo bí awọ ṣe máa gbà á kí wọ́n tó ṣe ibi tó kù.